Sílébù pé, orin kò sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó sọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ń túmọ̀ orin ìràwọ̀ tí àwọn ọmọdé máa ń kọ lédè Òyìnbó, "Twinkle, Twinkle, Little Star", sí Yorùbá, fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wa ní Àkúrẹ́ níbí. Ìlà àkọ́kọ́ mi ni "Ìràwọ̀ tó ń tàn yòò". Mo ti ka sílébù, ó pé méje. Ìparí ìlà nìkan ni kò bára mu. Báwo ni mo ṣe máa rí ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn dọ́gba?

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìparí ìlà sílẹ̀ ná. Kì í ṣe òun ló ń da orin yín rú. Ẹ kọ ìlà tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn lórin sókè, kí ẹ sì fetí sí i dáadáa. Ohun tí àwọn òbí máa gbọ́ ni pé ìràwọ̀ náà ń tán lọ.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ohùn ìlà àkọ́kọ́ orin náà, bí àwọn akọrin ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, ni d d s s l l s. "Ì" àti "rà" wà lórí d méjèèjì, ìyẹn dára. Sílébù kẹta, "wọ̀", bọ́ sórí s. Láti d dé s, fífò gidi ni, bẹ́ẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ni "wọ̀". Etí Yorùbá máa gbọ́ "ìràwọ́", tí kò ní ìtumọ̀ kankan. Èyí ṣì ṣe é fara dà. Ti "tàn" ló burú. Ó bọ́ sórí l kan náà tí "ń" tó ṣáájú rẹ̀ wà. Ohùn òkè sì ni "ń", nítorí náà "tàn" á di "tán". Bí ẹ bá kà á lórí ìwé, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá kọ ọ́ lórin ni ó máa hàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n rò pé kíka sílébù àti wíwá ìparí tó jọra ni iṣẹ́ títúmọ̀ orin. Lédè Òyìnbó, ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ló ṣe pàtàkì, ohùn lè lọ sókè sódò bó ṣe wù ú. Lédè tiwa, ohùn wà lára ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìjọ sí Yorùbá ka sílébù dáadáa, síbẹ̀ títí dòní ọ̀pọ̀ orin wọ̀nyẹn ni èèyàn ń kọ láìgbọ́ ohun tó ń sọ, àfi tó bá mú ìwé dání. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun o. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó, ti kọ ìwé lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá ṣe so pọ̀ ní 1953. Ṣáájú rẹ̀, Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti ti gba àwọn orin ìsìn Yorùbá sínú àwo ní London ní 1922, orin tí ohùn wọn ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Èyí tí ẹ ní lọ́wọ́ le ju tiwọn lọ, torí ohùn orin ti wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹ kọ ohùn náà sílẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ kankan, kí ẹ fi àmì sí ibi tó ti gòkè, ibi tó ti sọ̀kalẹ̀, àti ibi tó dúró. Ìlà kìíní: méjì nísàlẹ̀, ó fò sókè, ó dúró, ó tún gòkè díẹ̀, ó dúró, ó wá bọ́ sílẹ̀. Kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ bá a mu wẹ́kú. Òfin tí mo ń lò kò ju èyí lọ: níbi tí ohùn orin bá ti gòkè, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀, níbi tó bá ti sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ gòkè. Bí ohùn orin bá dúró lójú kan tí ọ̀rọ̀ yí díẹ̀, ẹ lè gbà á, bí kò bá ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ wá wò ó. Ọ̀rọ̀ wo ló bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó wá fò sókè? "Ìtànṣán". Ó bá d d s mu gẹ́lẹ́. Ẹ fi "tó ń wálẹ̀" tẹ̀ lé e: "tó" lórí s, "ń" àti "wá" lórí l méjèèjì, "lẹ̀" lórí s tó kẹ́yìn, níbi tí orin ti bọ́ sílẹ̀. Sílébù méje, kò sí èyí tó dàrú.

"Ìràwọ̀" fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ní ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta, kò sì lè dúró níbi tí orin ti ń gòkè. Ẹ gbé e lọ sí ìlà kejì, tí ohùn rẹ̀ jẹ́ f f m m r r d, tó ń sọ̀kalẹ̀ títí dé ìparí. "Láti ara ìràwọ̀": òkè, àárín, àárín, àárín, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ bíi pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ohùn náà. "Láti" nìkan ló yí díẹ̀ lórí f méjèèjì, kò sì di nǹkan mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ gé e sí "látara" o, sílébù kan á dín.

Ìtànṣán tó ń wálẹ̀
Láti ara ìràwọ̀

Ẹ máa sọ pé ìràwọ̀ ti orin Òyìnbó kéré, èyí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìlà kẹta á gbà á: "Tíntín lo rí lójú mi", lórí s s f f m m r. "Rí" yẹ kó ga ju "lo" lọ, orin ò sì jẹ́ kó ga, ṣùgbọ́n kò di ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ jẹ́ kó lọ. Báyìí ni ìtumọ̀ ṣe ń pé lódindi orin, kì í ṣe ìlà sí ìlà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan gbé ìtumọ̀ tirẹ̀ gan-an, yóò ba ohùn jẹ́ ni.

Ní ti ìparí tó jọra tí ẹ béèrè, ẹ wo "wálẹ̀" àti "ìràwọ̀". Fáwẹ́lì wọn kò dọ́gba, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ ni méjèèjì fi parí, níbi tí orin ti balẹ̀. Ìyẹn tó etí wa. "Ọkọ" àti "ọkọ́" jọra nínú ìwé, bí ẹ bá kọ wọ́n lórin, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ìjọra náà. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan tó máa so ìlà pọ̀, ẹ lo àwítúnwí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "ń": sílébù ni, ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi sórí ohùn tí wọ́n ń fà gùn, ìkùn imú ló máa di. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka èdè Àkúrẹ́ lẹ fẹ́ lò, níbi tí "ilé" ti ń di "ulé", ẹ tún ohùn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò lẹ́nu àgbàlagbà kan ládùúgbò. Ẹ má gbára lé ìwé.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ kọ ọ́ fún ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ náà rí, kí ẹ ní kó sọ ohun tó gbọ́ padà fún yín. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó tún ṣe, ẹ má bá a jiyàn.

Orin yìí kò ní olówó mọ́: Jane Taylor tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1806, ohùn Faransé àtijọ́ ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Orin àwọn tó ṣì wà láyé yàtọ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ Nàìjíríà ti 2022, ẹni tó ni orin ló ni ẹ̀tọ́ àtitúmọ̀ rẹ̀. Mi ò kì í ṣe lọ́yà o. Bí ẹ bá fẹ́ gbé irú èyí jáde tàbí tà á, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ olórin.