Kí ẹ tó gbé ọjà yín fún agbaṣẹ́ṣe, ẹ wo ibi tí aago wọn ti ń bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà nídìí òwò, ẹ jọ̀ọ́, ọjà tí à ń tà lórí ẹ̀rọ ayélujára ti pọ̀ ju ohun tí èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ mi lè máa dì lọ. Ilé-iṣẹ́ kan ní àwọn yóò máa bá wa kó ọjà pamọ́, àwọn yóò máa dì í, àwọn yóò sì máa fi ránṣẹ́, pé ìdá 99 nínú 100 ọ́dà wa ni yóò máa jáde lásìkò. Ṣé kí n gbà? Kí ló yẹ kó wà nínú àdéhùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí ẹ ń bá yí yìí, èmi náà ti bá a yí, ó sì ju agbaṣẹ́ṣe kan lọ tí ọjà mi ti gba ọwọ́ wọn kọjá. Ìṣirò ni mo máa ń fi ṣáájú, nítorí pé àárẹ̀ ló sábà máa ń mú èèyàn fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn, àárẹ̀ kì í sì í ka owó. Ẹ wá iye tí ọ́dà kan ń ná yín láti ìgbà tó bá ti wọlé títí ọlọ́kọ̀ yóò fi gbé e lọ: owó ilé, owó oṣù, páálí àti téèpù, owó adójútòfò, ọjà tó bàjẹ́ tàbí tó pòórá, owó tí ẹ fi ń tún ọjà tí ẹ dì ní àṣìṣe fi ránṣẹ́, àti wákàtí tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò nídìí rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í kà sí owó rárá. Ẹ ṣe é fún oṣù tí ọjà yá jù lọ, kí ẹ sì tún un ṣe fún oṣù tí ọjà kú jù lọ.

Ẹ jẹ́ ká ní owó ilé àti owó oṣù jẹ́ ẹyọ owó 900 lóṣù, yálà ọjà yá tàbí kò yá, tí páálí àti àwọn nǹkan kéékèèké sì ń gba ẹyọ 1 lórí ọ́dà kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù tí ẹ bá rí ọ́dà 600, ọ́dà kan ná yín ní 2.5, nínú oṣù tí ẹ bá rí 300, ó di 4. Bí oṣù mẹ́rin nínú ọdún bá yá, tí mẹ́jọ yòókù sì falẹ̀, ọ́dà 4,800 yóò ná yín ní 15,600, ìyẹn 3.25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ní 3 ni òun yóò máa gbà lórí ọ́dà kan, 14,400 ni ẹ ó san lọ́dún, ó sì jọ pé ó dín owó yín kù. Ṣùgbọ́n bí ìlà kan bá wà nísàlẹ̀ ìwé iye owó rẹ̀ pé owó oṣù kan kò gbọdọ̀ dín sí 1,500, oṣù mẹ́jọ tó falẹ̀ yẹn yóò máa gba 1,500 lọ́wọ́ yín dípò 900, owó ọdún yóò di 19,200, ọ́dà kan yóò sì di 4. Ìlà kan ṣoṣo ló yí ìdáhùn padà. Nítorí náà, ẹ fún wọn ní àkọsílẹ̀ ọ́dà yín ti ọdún kan gan-an, kí wọ́n fi ìwé iye owó tiwọn ṣírò rẹ̀ níwájú yín, pẹ̀lú owó ìgbàwọlé ọjà, owó àyè tí ọjà ń gbà, owó mímú ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí pẹpẹ, àti owó ìtọ́jú ọjà tí oníbàárà bá dá padà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù nígbà tí wọ́n bá ń polówó ara wọn.

Bí ọjà yín kò bá tíì ní bákóòdù, tàbí tí iye tó wà nínú ìwé yín kò bá iye tó wà lórí pẹpẹ mu, ẹ dúró ná. Agbaṣẹ́ṣe kò ní bá yín tún un ṣe. Ìdàrúdàpọ̀ náà yóò kàn kó lọ sí ilé ẹlòmíràn ni, ibi tí ẹ ó ti máa sanwó kí ẹ tó lè fojú kàn án.

Ní ti ìdá 99 tí wọ́n ṣèlérí, èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí iye náà mọ́. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni ìgbà tí aago bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó dúró, àti àwọn ọ́dà tí wọ́n kà. Agbaṣẹ́ṣe kan wà tí ìròyìn ọ̀sẹ̀ rẹ̀ máa ń dùn ún kà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn oníbàárà ń fẹjọ́ sùn wá lójoojúmọ́ pé ọjà àwọn kò dé. Mo ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan ránṣẹ́ sí mi láìṣe àtúntò kankan, ìlà kan fún ọ́dà kan, pẹ̀lú gbogbo àkókò tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wọ inú kọ̀ǹpútà wọn ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 12 àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú 40 àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n tó fi ṣọwọ́ sí àwọn tó ń di ọjà. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n tẹ ìwé àdírẹ́sì rẹ̀ jáde. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni awakọ̀ tó yẹ bákóòdù rẹ̀ wò tó sì gbé e sínú ọkọ̀. Nínú ìròyìn wọn, ìṣẹ́jú 25 péré ni ọ́dà yìí gbà, nítorí pé aago tiwọn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi í ṣọwọ́, ó sì dúró nígbà tí wọ́n tẹ ìwé àdírẹ́sì jáde.

Mo wá ka gbogbo ọ́dà ọjọ́ Ajé náà. Ọ́dà 200 ló wọlé kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Wọ́n fi 140 ṣọwọ́, wọ́n tẹ ìwé àdírẹ́sì 138 nínú wọn lásìkò, wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn ṣe ìdá 98.6 nínú 100. Ọgọ́ta tí wọn kò fọwọ́ kàn kò sí nínú ìṣirò rárá. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó bọ́ sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ́dà tó yá kánkán. Èyí tí awakọ̀ gbé lọ lọ́jọ́ náà gan-an jẹ́ 118, ìyẹn ìdá 59 nínú 100 ohun tó wọlé. Wọn kò purọ́ o. Ohun tí àdéhùn ní kí wọ́n wọ̀n ni wọ́n wọ̀n.

Láti ìgbà náà, bí mo ṣe máa ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ àdéhùn tó dá lórí àsìkò kà ni pé: gbogbo ọ́dà tó bá wọ inú ẹ̀rọ agbaṣẹ́ṣe kí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ kan tó lù, tí ọjà rẹ̀ sì wà nílẹ̀, ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti yẹ bákóòdù rẹ̀ wò tó sì gbà á kí ọjọ́ náà tó parí, ó kéré tán ìdá 98 nínú 100 wọn lóṣù, kò sì sí ọ́dà kankan tó gbọdọ̀ lò ju wákàtí 48 lọ. Ìdá 98 tí wọ́n wọ̀n báyìí dára ju 99 tiwọn lọ fíìfíì. Gbólóhùn wákàtí 48 yẹn sì ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ́dà tó bá ti pẹ́ lẹ́ẹ̀kan ti ba ìṣirò jẹ́ tán. Bí kò bá sí gbèdéke kejì, kò sí ohun tó máa mú wọn sáré lórí rẹ̀ mọ́, ti òní tí kò tíì pẹ́ ni wọn yóò gbájú mọ́, ti àná yóò sì máa jókòó síbẹ̀. Kí ó má bàa jẹ́ ìrẹ́jẹ fún wọn, ẹ máa fún wọn ní iye ọ́dà tí ẹ ń retí fún oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ sì gbà pé ìlérí náà kò dè wọ́n mọ́ bí ọ́dà bá fi ju ìdá 20 nínú 100 lọ kọjá iye náà. Agbaṣẹ́ṣe tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè èyí fúnra rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ “tí ọjà rẹ̀ sì wà nílẹ̀” tí mo kọ yẹn, nítorí ihò wà nínú rẹ̀. Bí pálẹ́ẹ̀tì yín bá ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, tí wọn kò tíì kà á, ẹ̀rọ yóò sọ pé ọjà kò sí, ọ́dà náà yóò sì jáde kúrò nínú ìṣirò. Ibi kan náà ni ìfàsẹ́yìn ti ń rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ fi gbèdéke sí ìgbàwọlé ọjà pẹ̀lú: láàárín wákàtí 24 tàbí 48 tí ọkọ̀ bá já ẹrù, ọjà gbọ́dọ̀ ti wà lórí pẹpẹ àti nínú ẹ̀rọ, a ó sì kà á sí ọjà tó wà nílẹ̀ láti ìgbà tí gbèdéke náà bá ti kọjá, yálà wọ́n ti kà á tàbí wọn kò tíì kà á.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọjà tó bá pòórá. Àwọn agbaṣẹ́ṣe máa ń béèrè pé kí ẹ fàyè gba àdánù díẹ̀, bóyá ìdá 1 nínú 100. Ìdá 1 nínú kí ni? Bí ẹyọ 40,000 bá ń gba inú ilé ìkẹ́rù kọjá lọ́dún, tó jẹ́ pé 4,000 ló máa ń wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdá 1 nínú ohun tó kọjá jẹ́ 400, ìyẹn ìdámẹ́wàá ohun tó wà nílẹ̀, tí wọn kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ gbé e ka orí ohun tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ pé irú ọjà kọ̀ọ̀kan ni a ó kà lọ́tọ̀, nítorí pé bí 50 bá dín nínú irú kan, tí 50 sì lé nínú irú mìíràn, wọ́n lè pa méjèèjì pọ̀ kí wọ́n sì ní kò sí ohun tó sọnù. Ohun tí wọn yóò san gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí ọjà náà ná yín títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn wọn ló ń fi ìwọ̀n ìwúwo ẹrù díwọ̀n owó gbà-má-bínú, èyí kò sì tó nǹkan fún ọjà tó fúyẹ́ tó sì gbówó lórí. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò ka ojú ewé yẹn dáadáa.

Ní ti ìjìyà, owó tí wọn yóò dín kù nígbà tí wọ́n bá kùnà gbọ́dọ̀ máa kúrò nínú ìwé owó oṣù náà fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ kọ lẹ́tà béèrè. Wọn yóò fi òté lé e pé kò ní kọjá ìwọ̀n kan, ẹ lè gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé òun nìkan ni ẹ̀tọ́ yín. Ẹ̀tọ́ tó lágbára jù ni pé bí wọ́n bá kùnà nínú ìwọ̀n kan náà fún oṣù mẹ́ta nínú oṣù mẹ́fà èyíkéyìí, ẹ lè kó ẹrù yín jáde láìsan owó ìtanràn. Ẹ tún kọ iye owó ìkóẹrù-jáde náà sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ kò ní bá yín dá iye tó rọjú lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀tọ́ wọn láti di ọjà yín mú nítorí gbèsè: kí ó mọ lórí gbèsè tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí, kí ó má kan owó tí ẹ ṣì ń jiyàn lé lórí, kí wọ́n má bàa ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ọjà yín nítorí ìwé owó kan.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan ti oníbàárà wọn mìíràn hàn yín, kí wọ́n bo orúkọ rẹ̀, kí àkókò mẹ́rin tí mo sọ lókè sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: ìgbà tó wọlé, ìgbà tí wọ́n fi ṣọwọ́, ìgbà tí wọ́n tẹ ìwé àdírẹ́sì, àti ìgbà tí awakọ̀ gbà á. Bí ẹ̀rọ wọn kò bá tọ́jú ìkẹrin, wọn kò lè wọn ohun tí ẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ wọn, ẹ wá ẹlòmíràn.