Bíìlì pàǹtí tó gorí ara wọn nílé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ l'Ékòó

"Ẹ jọ̀ọ́, Mańṣẹ́sítà ni mo wà. Wọ́n gbé bíìlì pàǹtí ₦288,000 wá sílé onífúláàtì mẹ́rin tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Agége, wọ́n ní kóòtù ló kàn. Àwọn ayálégbé ń búra pé àwọn ń sanwó. Ṣé kí n san án ná kí ọ̀rọ̀ parí?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín mójú tó ilé ya fọ́tò bíìlì náà níwájú àti lẹ́yìn, kó fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ẹ wo orúkọ PSP tó kọ ọ́, iye fúláàtì tí wọ́n kà, àti oṣù tí gbèsè ti bẹ̀rẹ̀.

PSP làwọn iléeṣẹ́ aládàáni tí LAWMA, àjọ ìjọba tó ń rí sí pàǹtí l'Ékòó, pín àdúgbò fún láti máa kó pàǹtí ilé. Àdúgbò tí wọ́n bá fún ọ̀kan, òun ló ni ín, onílé ò lè fúnra rẹ̀ yan òmíràn. Bí orúkọ orí bíìlì bá yàtọ̀ sí tara ọkọ̀ tó ń wọ àdúgbò yín, ẹ bi LAWMA ní ọ́fíìsì wọn ní Ìjọra-Olópà, tàbí kẹ́ ẹ wo lawma.gov.ng. Owó yìí ò sí lára owó ilẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́dọọdún o. Ọ̀pọ̀ onílé tó wà lókè òkun ló rò pé àwọn ti san án pọ̀ mọ́ ọn.

Iye fúláàtì ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu géètì ka ilé lè ka yàrá ẹ̀yìnkùlé mọ́ fúláàtì, tàbí kó pe ṣọ́ọ̀bù kékeré iwájú ilé ní iléeṣẹ́, owó tiẹ̀ á sì ga ju ti ilé gbígbé lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi tiyín ṣírò. Ká ní ₦3,000 ni wọ́n ń gbà lórí fúláàtì kan lóṣù: mẹ́rin á jẹ́ ₦12,000, oṣù 24 á sì fún wa ní ₦288,000 gẹ́lẹ́. A jẹ́ pé wọn ò yọ owó ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀. Bí fúláàtì kan bá ṣófo fún oṣù 9, ₦27,000 nìyẹn tẹ́ ẹ lè jiyàn lé lórí. Bí ayálégbé kan bá ní rìsíìtì oṣù 22, ₦66,000 tún kúrò. Ó ku ₦195,000, ọ̀rọ̀ sì di ti àwọn tí ò ní rìsíìtì.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹlòmíì lè máa fi owó lé àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ akólẹ̀ lọ́wọ́, owó náà ò sì ní dé inú ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíì ń fún àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri, lójú tiẹ̀, ó ti sanwó pàǹtí. Ìjọba Èkó ti fòfin dè wọ́n, torí inú kánáàlì ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kó ń bọ́ sí. Bíìlì PSP ò ní tìtorí wọn dúró. Àkáǹtì tó wà lórí bíìlì nìkan ni kí àwọn ayálégbé máa sanwó sí, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ilé àti ti fúláàtì sí i.

Ẹ wá kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí PSP náà, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí LAWMA. Ẹ so fọ́tò rìsíìtì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tí ayálégbé kó jáde àti ọjọ́ tí òmíràn wọlé, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Kí ẹni tó bá mú un lọ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ni kì í wá, ẹ ní kí wọ́n máa kọ ọjọ́ tó wá sílẹ̀. Ẹ̀sùn "wọn kì í wá" láìsí ọjọ́ kankan ò lè gbé yín débì kan. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìpè kóòtù tó ní ọjọ́ bá ti dé, lẹ́tà ò dá a dúró: ẹ rán ẹnì kan lọ sílé ẹjọ́ pẹ̀lú gbogbo ìwé yìí, torí onílé ni wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ rẹ̀.

Kí ilé ní dọ́sìbíìnì ńlá onítáyà tó ní ìdérí, èyí tó ń gba lítà 240. Méjì ló yẹ fúláàtì mẹ́rin bí ọkọ̀ bá ń wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Kí wọ́n má da iyanrìn tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí i. Ó ń wúwo, ó sì ń ba ẹ̀rọ tó ń tẹ pàǹtí pọ̀ nínú ọkọ̀ jẹ́. Típà ni wọ́n ń gbà fún irú ẹ̀.

Ìgò oníke, agolo, náílọ̀n omi àti páálí, inú àpò ọ̀tọ̀ ni kó máa lọ, ní gbígbẹ. Páálí tí epo ọbẹ̀ ti ta sí, tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀, kò sí oníkílò tó máa rà á, ó sì lè ba èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n ṣan ìgò, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, àpò kan á gba púpọ̀ sí i. Áàpù PAKAM wà fún pípe ẹni tó máa wá kó o. Owó ibẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ṣà á jọ. Kò dín bíìlì PSP kù, torí iye fúláàtì ni wọ́n ń kà, wọn kì í wọn pàǹtí.