Omi àlùwàlá àti ìtọ́jú ohun tí Ọlọ́run dá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, kí ni oríṣiríṣi ẹ̀sìn sọ nípa títọ́jú ohun tí Ọlọ́run dá? Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí, ní Múṣín.

Omi àlùwàlá ni kó o fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó ṣeé wọ̀n. Nínú hádíìsì Anas, tí Bùkáárì àti Múslímù, àwọn méjì tó ṣàkójọ hádíìsì, gbà wá, múùdù kan ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá. Múùdù kan kò ju nǹkan bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ààbọ̀ lọ. Gbé báàkẹ́tì sábẹ́ ẹ̀rọ omi nígbà tó o bá ń ṣe tìrẹ, wàá rí iye tó ń ṣòfò. Àwọn kan á tọ́ka sí hádíìsì tó ní ká má fi omi ṣòfò, ì báà jẹ́ létí odò tó ń ṣàn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ẹ̀wọ̀n àwọn tó gbà á wá kò lágbára. Kùránì 7:31, tó kọ àṣejù nínú jíjẹ àti mímu, ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù.

Ní ti Kírísítẹ́nì, Jẹ́nẹ́sísì 2:15 ni kó o lò: Ádámù á ro ọgbà, á sì máa ṣọ́ ọ. Ìṣọ́ yẹn ni àwọn tó ń ka 1:28 nìkan, tó ní kí èèyàn jọba lórí ayé, máa ń fò dá.

Oníṣẹ̀ṣe ń tọ́ka sí igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, níbi tí ọdẹ àti apẹja kò ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.