Bí ọ̀rọ̀ ìdágbére yóò ṣe jọ ohùn ọmọ tó ń sọ ọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la ó sìnkú ìyá wa, èmi ni wọ́n sì ní kí n sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ ọ́ báyìí: “A bí olóògbé ní ọdún 1946. Ó jẹ́ ìyá rere, aláàánú, akíkanjú àti olùbẹ̀rù Ọlọ́run, ẹni tí ó fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe fún gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀.” Àbúrò mi kà á, ó ní ó dà bí ìròyìn. Èmi náà mọ̀ pé Màámi kọ́ nìyí. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń hó. Ẹ̀kọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ pọ́n kì í dé ọjà, ọmọ tí ara rẹ̀ ò bá yá ni wọ́n máa ń gbé e fún. Wọn á ní, “Jẹ ẹ́ ná, ọjà ò ní sá lọ.” Báwo ni kí n ṣe tún un kọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Ẹ̀yìn wọn á dára o.

Ẹ padà ka lẹ́tà yín. Nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére, “ó” lẹ pe Màmá. Nígbà tí ẹ wá ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹ ní “wọ́n”. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀yàyà ti sá kúrò nínú ọ̀rọ̀ yín, torí kò sí ọjọ́ kan tí ẹ pe ìyá yín ní “ó” nínú ilé. Èdè ìwé ìròyìn ló kó sí yín lẹ́nu, òun náà ló sì kó “olóògbé” wá. Ẹ kọ́kọ́ dá “Màámi” àti “wọ́n” padà sípò. Àmọ́ bí ẹlòmíràn bá wà nínú gbólóhùn kan náà, irú bí àwọn oníbàárà, ẹni tó ń fetí gbọ́ kò ní mọ “wọ́n” tí ẹ ń wí. Níbẹ̀, ẹ tún “Màámi” pè.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ bi àwọn orúkọ oyè yẹn léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ni Màámi ṣe tí mo fi pè wọ́n ní aláàánú? Ẹ ti dáhùn fúnra yín. Ẹ̀kọ àkọ́pọ́n yẹn ni. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ má pe “aláàánú” mọ́. Ìjọ á pè é fúnra wọn. Oyè tí ẹ kò bá rí ìṣe kankan fún, ẹ pa á rẹ́. Ọdún 1946 náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìwé ètò ìsìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wá a.

Ohun tó kù ni èémí. Gbólóhùn kejì yín yẹn, ẹ kò lè kà á dópin láì mí, bí ẹkún bá sì ti wà lọ́nà ọ̀fun, àárín rẹ̀ ló máa já. Ẹ gbé ìwé sílẹ̀, ẹ tan fóònù yín kó gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ sọ ìtàn ẹ̀kọ yẹn bí ìgbà tí ẹ ń sọ ọ́ fún ìyàwó ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tó bá jáde lẹ́nu yín ni kí ẹ dà kọ, kí èémí kan wà lórí ìlà kan:

Ẹ̀kọ ni Màámi ń hó.
Kí àkùkọ tó kọ, iná wọn ti ń jó.
Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ pọ́n kì í dé ọjà.
Ọmọ tí ara rẹ̀ ò bá yá ló ni ín.
Wọn á ní, “Jẹ ẹ́ ná, ọjà ò ní sá lọ.”

Ẹ dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ohùn Màmá, torí ìjọ máa mí kanlẹ̀ níbẹ̀. Nítorí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá fún yín ní ìṣẹ́jú 3, ẹ jẹ́ kí èyí tí ẹ ń kà nílé má ju ìṣẹ́jú 2 lọ.

Oríkì Màmá ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré, ní ìparí. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́nu iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pé ibi tí wọ́n bá ti pe “Àbẹ̀ní” tàbí “Àjọkẹ́” ni ohùn ọmọ ti máa ń já, tí ìyókù kò sì ní ṣeé gbọ́ mọ́. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti fi “wọ́n” sílẹ̀, kí ẹ kọjú sí Màmá fúnra wọn: “Màámi, ẹ ṣé.” Ẹ má ṣe padà sórí “wọ́n” lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó bá lè yí mọ́ yín lẹ́nu. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹ kà á sí àbúrò yín létí láìjẹ́ kó rí ìwé náà. Bó bá já lu ọ̀rọ̀ yín, tó ní, “Wọ́n máa ń fẹ́ ẹ fún mi kó tó tutù ni,” ẹ kọ ìyẹn náà kún un.