Bí àṣìṣe márààrún inú fídíò kan ṣe lè gùn dọ́gba

Ìbéèrè: Mò ń kọ fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àṣìṣe márùn-ún nínú síse ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Àwọn kan gùn jù, àwọn kan kúrú jù. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pín àkókò kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀: nínú 300 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ yọ 20 fún ìbẹ̀rẹ̀ àti 20 fún ìparí, kí ẹ wá pín 260 tó kù sí márùn-ún, 52 fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan.

Nínú 52 yìí, ẹ sọ àṣìṣe náà, ohun tó ń ṣe fún oúnjẹ, àti àtúnṣe rẹ̀. Ẹ kà á sókè bí ẹ ṣe máa sọ ọ́, kí ẹ fi aago fóònù wọ̀n ọ́. Kíka iye ìlà kò tó, torí pé ibi tí ẹ ti ń fi ìkòkò hàn láìsọ̀rọ̀ náà ń jẹ àkókò.

Bí “omi pọ̀ jù” bá gba 90, ẹ wò ó dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ iná líle ti wọ inú rẹ̀. Àṣìṣe méjì nìyẹn. Bí “iyọ̀ kò tó” kò bá ju 15 lọ, ẹ má fi àsọtúnsọ fẹ̀ ẹ́. Ẹ yọ ọ́, kí iná líle gba ipò rẹ̀. Iye wọn ṣì jẹ́ márùn-ún.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ń ka àwọn àṣìṣe náà sẹ́yìn láti 5 dé 1, nọ́ńbà 1 lè fi bíi 10 gùn ju ìyókù lọ. Inú ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti yọ ọ́.