Kí kg hàn, kí òdo má hàn nínú Excel
"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí kg máa tẹ̀lé nọ́ńbà, kí èyí tó kéré sí òdo máa jẹ́ pupa, kí òdo má hàn rárá."

Ẹ yan àwọn àpótí náà, ẹ tẹ Ctrl+1, ẹ lọ sí Custom, kí ẹ kọ èyí sí Type:

```
#,##0.0" kg";[Red]-#,##0.0" kg";;@
```

Àmì `;` ló pín in sí mẹ́rin: nọ́ńbà tó ju òdo lọ, èyí tó kéré sí òdo, òdo fúnra rẹ̀, àti ọ̀rọ̀. Ibi kẹta ṣófo, ìdí nìyẹn tí òdo fi pòórá. 1250 á di 1,250.0 kg.

Ẹ má fọwọ́ tẹ kg mọ́ nọ́ńbà o. Ọ̀rọ̀ ló máa dà, SUM ò sì ní kà á. Bí 0.0 kg bá ṣì ń yọjú, nọ́ńbà bíi 0.04 ló wà níbẹ̀, kì í ṣe òdo. Bí ó bá wà ní A2, ẹ kọ `=ROUND(A2,1)` sí àpótí mìíràn tí ẹ fún ní Type kan náà, láti gé e.