Ẹni tó ti gba iṣẹ́ tó sì pòórá kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó pé

Ìbéèrè: Ẹni tí a gbà síṣẹ́ ti fọwọ́ sí ìwé, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó bẹ̀rẹ̀. Kí ni a lè ṣe kí ó má baà pòórá?

Ìdáhùn: Ẹ mójú tó ọjọ́ tí yóò kọ̀wé fipò sílẹ̀ níbi tó wà, nítorí ọjọ́ náà ni ọ̀gá rẹ̀ lè fi kún owó oṣù rẹ̀ kí ó má baà lọ. Kí ọjọ́ náà tó pé ni kí ẹ ti bi í pé, "Bí wọ́n bá fi owó kún owó yín ńkọ́?", kí ẹ sì jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi fẹ́ kúrò. Ẹ jọ mú ọjọ́ tí yóò kọ̀wé náà, kí ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ gan-an sì pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìpè rẹ̀ wọni lára ju lẹ́tà ọ́fíìsì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìbá a sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ jọ mú, tó ṣì ń sọ pé, "N kò tíì rí ọ̀gá mi bá sọ̀rọ̀", ó ṣeé ṣe kí ọkàn rẹ̀ ti pín sí méjì. Ẹ bi í ní tààrà, láìbínú, kí ẹ sì má tíì sọ fún ẹni tó ṣe ipò kejì pé kò rí iṣẹ́ náà gbà.